Páálí Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n àti Lẹ́tà Alága

Ẹni tó bá fẹ́ rí obìnrin tí orí pípé ń kó sí wàhálà, kó lọ sí ṣọ́ọ̀bù táìlì tó kọjú sí ibùdókọ̀, kó béèrè Àǹtí Sítọ́ọ̀. Òun ló ń tọ́jú ilé ẹrù níbẹ̀ láti ọdún mẹ́sàn-án. Bí páálí táìlì kan bá wọlé, á kọ ọ́ sílẹ̀. Bó bá jáde, á kọ ọ́ sílẹ̀. Bí eku bá gba ibẹ̀ kọjá, mo fura pé ó ń kọ ìyẹn náà. Kì í pariwo, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Òun àti ìyá rẹ̀ ló jọ ń gbé nínú yàrá méjì, onílé wọn kì í sì í gba àlàyé dípò owó.

Ọ̀gá rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Alága. Ẹ má bi mí pé alága ibo. Kò sí ẹgbẹ́ tó yàn án, kò sí ìpàdé kankan tó darí rí, bẹ́ẹ̀ bí ẹ bá pè é ní "Ọ̀gá" lásán, á wò yín bí ìgbà tí ẹ tutọ́ sí i lára. Ó ga, ó sanra, ó sì fẹ́ràn láti máa fọwọ́ síwèé ju bí ọmọdé ṣe fẹ́ràn súìtì lọ. Ìfọwọ́síwèé rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ láti apá òsì, á rìn dé apá ọ̀tún, á yí po lẹ́ẹ̀mẹ́ta, á tún padà wá fa ìlà méjì sábẹ́ ara rẹ̀. Kó tó parí, yíǹkì bírò ti lọ sí ìdajì.

Nǹkan kan tún wà nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn tí mi ò rí irú rẹ̀ níbòmíràn. Táìlì ilẹ̀ ni wọ́n ń tà, ohun tí wọ́n dìídì ṣe pé kí èèyàn máa tẹ̀, ṣùgbọ́n Alága ò gbà kí ẹnikẹ́ni tẹ táìlì ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀. Funfun báláú ni, ó ní bàtà àwọn oníbàárà á bà á jẹ́. Nítorí náà, páálí yòówù tó bá ti ṣófo, wọ́n á là á, wọ́n á tẹ́ ẹ sílẹ̀ pẹrẹsẹ, kí àwọn èèyàn máa rìn lórí páálí lọ wo ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe ilẹ̀ ilé wọn. Oníbàárà kan bi í pé báwo ni òun ṣe máa mọ̀ bóyá táìlì náà ń yọ̀. Alága ní kó rà á, kó lọ yọ̀ ṣubú nílé ara rẹ̀.

Ní ọjọ́ Ajé kan, aago mẹ́wàá àárọ̀, ọkọ̀ akẹ́rù kó òjìlénígba páálí táìlì funfun dé láti ilé-iṣẹ́ tó ń tajà fún wọn. Àwìn ni wọ́n rà á, ìparí oṣù ni wọ́n máa sanwó. Awakọ̀ na wébìlì, ìwé tí wọ́n fi ń jẹ́rìí pé ẹrù dé, sí Alága.

"Alága, ẹ jẹ́ ká ṣí díẹ̀ wò ná," ni Àǹtí Sítọ́ọ̀ ké láti inú ilé ẹrù.

"Ká ṣí kí ni? Irú èmi yìí ni wọ́n á tàn jẹ?"

Ó ti tẹ bírò mọ́lẹ̀. Awakọ̀ dúró títí, ó wo aago ọwọ́ rẹ̀.

"Ẹ ò tíì parí, sà?"

"Dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ibi tó ti ń yí po ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé."

Bí Alága ṣe jẹ́rìí nìyẹn pé gbogbo ẹrù pé, gbogbo rẹ̀ sì dára, láìfi ojú kan ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn.

Nígbà tó di ọ̀sán, birikìlà kan wá ra páálí márùn-ún. Ó gbé àkọ́kọ́ sókè, ó gbọ́ ṣàkàṣàkà, ó rọra gbé e padà sílẹ̀, ó ní, "Àǹtí, táìlì ni mo ní kí ẹ tà fún mi o, kì í ṣe ṣẹ́kẹ́rẹ́." Wọ́n ṣí i. Táìlì méjìlá tó wà nínú rẹ̀ ti di mẹ́rìnlélógún, gbogbo wọn ló là ní agbedeméjì.

Àǹtí Sítọ́ọ̀ tú gbogbo èyí tó ti ìdí ọkọ̀ wá wò. Ó yé e kíá. Òró ló yẹ kí páálí táìlì wà nínú ọkọ̀. Àwọn tó kó èyí ti dá wọn dùbúlẹ̀, wọ́n sì tún to òmíràn lé wọn láyà. Kò sí páálí kankan tó ya, nítorí náà ojú lásán ò lè rí i láti ìta. Títí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ló fi ń ṣí i, tó ń kọ nọ́ńbà ara páálí kọ̀ọ̀kan sínú ìwé rẹ̀. Páálí mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló bàjẹ́.

Ó lọ sọ fún Alága. Ẹ gbọ́ ìdáhùn ọlọ́gbọ́n ayé.

"Ta ló fọ́ ọ?"

"Bó ṣe wá nìyẹn, Alága."

"Èmi fọwọ́ sí i pé ó dára. Ṣé o fẹ́ sọ pé irọ́ ni mo fọwọ́ sí? Ẹrù tó bá ti wọ sítọ́ọ̀, ọrùn ẹni tó ń tọ́jú sítọ́ọ̀ ló wà."

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti lẹ ìwé kan mọ́ ògiri ẹ̀gbẹ́ àga rẹ̀: láti ìparí oṣù yìí lọ, ìdajì owó oṣù Àǹtí Sítọ́ọ̀ ni wọn yóò máa yọ, fún oṣù mẹ́rìndínlógún, títí owó páálí mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n yóò fi pé. Ìfọwọ́síwèé tó wà nísàlẹ̀ ìwé náà gùn ju ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ lọ.

Àǹtí Sítọ́ọ̀ kò sunkún. Ìdajì owó oṣù kò lè san owó ilé, ẹkún náà kò sì lè san án. Ó gbé ínfọ́ìsì, ìwé owó tí ilé-iṣẹ́ fi ránṣẹ́, ó yí i sẹ́yìn, níbi tí wọ́n kọ òfin sí pẹ̀lú lẹ́tà tó kéré bí ẹsẹ̀ èèrà. Ó kà á sókè fún Alága láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ẹrù tó bá fọ́ sínú páálí tí kò hàn lójú, ẹni tó rà á ní wákàtí méjìléláàádọ́rin, láti ìgbà tí ẹrù dé, láti kọ̀wé ẹ̀sùn. Kó kọ nọ́ńbà ínfọ́ìsì àti nọ́ńbà wébìlì sí i. Kó kọ iye tó bàjẹ́. Kó ya àwòrán páálí kọ̀ọ̀kan, kí nọ́ńbà ara rẹ̀ àti táìlì tó fọ́ jọ hàn. Kó má da ohunkóhun nù, torí ẹni tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò ń bọ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá tọ̀nà, wọ́n á kọ kírẹ́díìtì nóòtì fún un.

"Ìyẹn ni pé wọ́n á gbà níwèé pé ohun tí a jẹ wọ́n ti dín," ni Àǹtí fi kún un. "Aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́bọ̀ ni wákàtí wọn pé. Ẹ jẹ́ kí n kọ lẹ́tà náà báyìí."

Alága rẹ́rìn-ín títí ikùn rẹ̀ fi mi tábìlì. "Ìwọ? Sí ilé-iṣẹ́ ńlá bẹ́ẹ̀ yẹn? Lọ́yà á kọ ọ́."

Lọ́yà yìí, àbúrò ìyàwó Alága ni. Ìgbà kan ṣoṣo tó wọ ilé ẹjọ́ láyé rẹ̀ ni ọjọ́ tí onílé pè é lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n ó ní kóòtù dúdú kan, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń húkọ́ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Ó jókòó ti lẹ́tà náà láti àárọ̀ títí dé ọ̀sán. Ojú ewé márùn-ún ni. Ó kí wọn ní ojú ewé méjì, ó kí ọ̀gá àgbà wọn, ó kí ìyàwó ọ̀gá àgbà, tí kò mọ̀ bóyá ó ní ọ̀kan. Ojú ewé kẹta ròyìn irú èèyàn tí bàbá Alága jẹ́ nígbà ayé rẹ̀. Ìkẹrin ní òun máa gbé ọ̀rọ̀ yìí dé ibi tí ẹnikẹ́ni ò gbé ọ̀rọ̀ dé rí. Ní ojú ewé karùn-ún, ìfọwọ́síwèé Alága nìkan ló wà níbẹ̀, ó sì kún un. Nọ́ńbà ínfọ́ìsì kò sí níbẹ̀. Iye páálí tó bàjẹ́, wọ́n kọ ọ́ sí "ọ̀pọ̀ yanturu".

Ó wá kan àwòrán. Alága ránṣẹ́ sílé pé kí wọ́n bá òun gbé fìlà tuntun wá.

Ọjọ́ náà gan-an ni òjò rọ̀. Àǹtí Sítọ́ọ̀ lọ san owó ọjà sí báńkì, Alága rí ẹrẹ̀ lára bàtà àwọn oníbàárà, ó sì pàṣẹ. Nígbà tí Àǹtí fi máa dé, àwọn alágbàrù ti da táìlì mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n páálí jọ gègèrè sí kọ̀rọ̀, wọ́n ti la gbogbo páálí náà, wọ́n ti tẹ́ ẹ láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí káńtà. Ó dúró lójú ọ̀nà, ó ń wo bí ọkùnrin kan tó wọ bàtà òjò ṣe ń tẹ ẹ̀rí rẹ̀ mọ́lẹ̀ lọ.

"Alága, páálí yẹn ni nọ́ńbà wà lára rẹ̀."

"Nọ́ńbà ni kí ẹrẹ̀ torí ẹ̀ ba ilẹ̀ mi jẹ́?"

Ní ọjọ́rú, ìpè wọlé láti ilé-iṣẹ́ náà. Alága tẹ fóònù kó máa pariwo síta kí gbogbo ṣọ́ọ̀bù lè gbọ́ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀ ẹ́. Ohùn obìnrin jẹ́jẹ́ kan ló jáde.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ọ́fíìsì tó ń gba ẹ̀sùn ni mo ti ń pè. A rí lẹ́tà yín gbà, a sì dúpẹ́ fún gbogbo ìkíni náà."

"Hẹ̀n-ẹ́n! Ẹ̀rù ti ń bà wọ́n," ni Lọ́yà sọ sí Alága létí.

"A rí àwòrán méjìlá. Nínú àkọ́kọ́, a rí bàbá kan tó dé fìlà. Nínú ìkejì, bàbá yẹn náà ni, ó káwọ́ lérí. Nínú ìkeje, ó fara ti ògiri. Nínú ìkẹwàá, ó jọ pé ó ń sunkún. Ẹ má bínú, sà, táìlì dà?"

Àwọn alágbàrù bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Alága wo ẹ̀yìn, wọ́n dákẹ́.

"Ó wà lẹ́yìn mi!"

"A ò lè rí ẹ̀yìn yín, sà. Ẹ ṣì ní títí di aago mẹ́wàá ọ̀la láti fi èyí tó pé ránṣẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, a ò ní lè gbà á mọ́."

Obìnrin náà pa fóònù. Lọ́yà húkọ́, ó sì rántí pé ẹnì kan ń retí òun níbòmíràn. Alága jókòó, ó nu ojú, ó wá nàka sí Àǹtí Sítọ́ọ̀.

"Ìwọ náà ni kó o ṣe é. Bí ò bá bọ́ sí i, ìwé ara ògiri yẹn ń dúró dè ọ́."

Ẹ wá wo Àǹtí Sítọ́ọ̀ ní ọ̀sán ọjọ́rú, lórí ìkúnlẹ̀, tó ń rákò láàárín ẹsẹ̀ àwọn oníbàárà. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ẹ ṣeun. Ẹ gbé òsì náà." Obìnrin kan rò pé ìkíni ló ń kí òun, ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ó ń ṣí páálí nílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi aṣọ tútù nu nọ́ńbà rẹ̀, ó ń fi wé èyí tó ti kọ sínú ìwé lọ́jọ́ Ajé, ó ń ka táìlì méjìlá tó fọ́ lé e lórí, ó ń ya àwòrán rẹ̀. Ọ̀kan ti wà lábẹ́ táyà àga Alága, nọ́ńbà rẹ̀ ti di lẹ́búlẹ́bú. Òjò ti fọ òmíràn di òfo. Lọ́yà ti ya ẹ̀gbẹ́ ìkẹta, ó ti fi há abẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì tó ń mì nígbà tó ń kọ lẹ́tà, kò sì sẹ́ni tó lè ka ohun tó kù lára rẹ̀. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n péré ló pé.

Láàárọ̀ ọjọ́bọ̀, ó kọ lẹ́tà ojú ewé kan. Alága dúró sí ẹ̀yìn rẹ̀.

"Kọ ogójì."

"Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni."

"Ilé-iṣẹ́ ńlá ni wọ́n. Mẹ́fà ò ní pa wọ́n lára."

"Ó lè pa ẹ̀sùn wa. Ó wà nínú òfin wọn, Alága: bí wọ́n bá bá irọ́ kan nínú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló dànù."

"Ọkàn rẹ ti le jù."

Àǹtí tẹ bírò mọ́ ìwé. Ó kọ ọ́ pé páálí mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló fọ́. Pé mọ́kànlélọ́gbọ̀n ní àwòrán tó pé. Pé nọ́ńbà mẹ́ta tó kù wà nínú ìwé òun ṣùgbọ́n ara páálí wọn ti bàjẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù. Pé ibi kan náà ni gbogbo wọn ti là, tó fi hàn pé ìdùbúlẹ̀ ni wọ́n kó wọn. Pé táìlì náà wà níbẹ̀ fún àyẹ̀wò. Pé kírẹ́díìtì nóòtì ni àwọn ń fẹ́, kì í ṣe ẹrù mìíràn. Aago mẹ́sàn-án kọjá ogún ìṣẹ́jú ló fi ránṣẹ́. Ó ní kí wọ́n dá òun lóhùn pé wọ́n rí i. Ó jókòó, ó ń wo fóònù. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án kí aago mẹ́wàá lù, èsì dé: a ti rí i gbà, nọ́ńbà ẹ̀sùn yín rèé, ẹni tó máa yẹ̀ ẹ́ wò ń bọ̀ lọ́la.

Ẹni tó wá ṣe àyẹ̀wò náà, ọkùnrin tín-ín-rín kan tó mú tọ́ọ̀ṣì dání lójú ọ̀sán gangan, dé lọ́jọ́ Ẹtì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú òkìtì táìlì náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó dé ìsàlẹ̀, ó dúró. Ó yọ táìlì kan, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. Àwọ̀ ilẹ̀ pupa ni, òdòdó àwọ̀ ewé sì wà lára rẹ̀. Ó tún fa òmíràn yọ. Òdòdó ni. Táìlì olódòdó tó tó páálí mẹ́fà ló wà lábẹ́ àwọn funfun.

Àǹtí Sítọ́ọ̀ wo Alága. Alága wo òkè àjà.

"Funfun ni ilé-iṣẹ́ wa kó wá," ni ọkùnrin náà wí. "Ṣé inú ọkọ̀ ni òdòdó ti hù lára wọn?"

"Ooru," ni Alága sọ. "Ooru inú ọkọ̀ yín yẹn."

Ọkùnrin náà tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀yìn táìlì náà, ó ka ọdún tí wọ́n tẹ̀ sí i, ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, àti orúkọ ilé-iṣẹ́ mìíràn. Ó wá ṣí ìwé tó mú wá.

"Ta ló kọ lẹ́tà yìí?"

Àǹtí gbé ọwọ́ sókè. "Èmi ni."

"Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n lẹ kọ. Ká ní ogójì ló wà nínú lẹ́tà yìí ni, mi ò bá ti ti ẹ̀sùn yìí pa, kí n máa lọ. Èyí tí kò sí nínú lẹ́tà, mi ò rí i." Ó fi ẹsẹ̀ ti àwọn olódòdó sápá kan. "Mẹ́ta tí kò ní nọ́ńbà ńkọ́? Kí ló ṣe páálí wọn?"

"Wọ́n là á tẹ́ sílẹ̀."

"Ta ló ní kí wọ́n tẹ́ ẹ?"

Alága fẹ́ràn kí wọ́n máa mọ̀ pé òun ló ń pàṣẹ. Kó tó ronú, ẹnu rẹ̀ ti gbà á. "Èmi! Níbí, láìsí àṣẹ mi, páálí kan kì í yí padà!"

Ọkùnrin náà kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́. Ó ní kí Alága fọwọ́ sí i. Ẹ lè fọkàn yàwòrán bó ṣe pẹ́ tó.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, kírẹ́díìtì nóòtì dé, owó páálí mọ́kànlélọ́gbọ̀n gbáko, pẹ̀lú ẹ̀dà ìwé àyẹ̀wò. Àǹtí Sítọ́ọ̀ wà nínú ilé ẹrù. Alága já ìwé náà gbà lọ́wọ́ ẹni tó mú un wá, ó rí iye owó ńlá ní ìsàlẹ̀, ó pe Lọ́yà, wọ́n dé fìlà, wọ́n gbọ̀nà báńkì lọ. Ẹni tó bá wọn pàdé lójú ọ̀nà gbọ́ pé lẹ́tà ojú ewé márùn-ún ti mú kí ilé-iṣẹ́ ńlá máa gbọ̀n.

Wọ́n tò lórí ìlà. Nígbà tó kàn wọ́n, Alága na ìwé náà sí akọ̀wé báńkì láti abẹ́ gíláàsì.

"Ẹ kà á fún mi ní owó tuntun."

Ọmọbìnrin náà kà á, ó tún un kà. "Bàbá, kò sówó nínú èyí. Gbèsè yín ni wọ́n sọ pé ó dín."

"Ó kọ owó síbẹ̀!"

"Iye tí ẹ ò ní san mọ́ nìyẹn, sà. Kì í ṣe iye tí a máa fún yín."

Gbogbo ìlà gbọ́. Ẹnì kan ní ẹ̀yìn ní òun náà ní gbèsè kan nílé tí òun fẹ́ gba owó rẹ̀. Alága yíjú sí Lọ́yà. Lọ́yà húkọ́.

Nígbà tí Alága padà dé, ó ti ká fìlà sápò. Ó tẹ́ ìwé náà síwájú Àǹtí Sítọ́ọ̀ lórí káńtà.

"Kí la máa ń fi èyí ṣe ná?"

"A máa yọ ọ́ kúrò nínú ohun tí a jẹ wọ́n, a máa san ìyókù ní ìparí oṣù, a máa kọ nọ́ńbà rẹ̀ sí lẹ́tà owó, èyí tí a máa fi ránṣẹ́ pẹ̀lú owó náà, kí ó má bàa dàrú."

"Ó dáa. Kọ ọ́. Owó mẹ́ta tí wọn ò gbà, màá yọ ọ́ lára rẹ ní oṣù méjì. Mo ti ṣàánú rẹ."

Àǹtí Sítọ́ọ̀ fa ẹ̀dà ìwé àyẹ̀wò yọ, ó fi ìka sí ìlà kan, ó rọra kà á: "'Páálí mẹ́ta kò ní nọ́ńbà, nítorí pé ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù pàṣẹ kí wọ́n là á.' Ẹ̀yin lẹ fọwọ́ sí i."

Alága wò ó. Ìfọwọ́síwèé náà bo ìdajì ojú ewé. Kò sí bó ṣe lè ní kì í ṣe tòun.

"Mi ò ní kọ lẹ́tà owó náà," ni Àǹtí wí, ohùn rẹ̀ kò gòkè rárá, "àfi tí ìwé ara ògiri yẹn bá kúrò níbẹ̀, tí ẹ sì kọ ọ́ sí i pé kò dúró mọ́. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ pe Lọ́yà kó wá kọ ọ́."

Alága ronú nípa Lọ́yà. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí mo mọ̀ pé ó ronú nìyẹn. Ó dìde, ó bó ìwé náà kúrò lára ògiri, ọ̀dà ara ògiri bá a jáde. Ó kọ "kò dúró mọ́" sí i ní gàdàgbà, ó sì fi sílẹ̀ fún un láìwo ojú rẹ̀.

Ní ìparí oṣù, owó Àǹtí Sítọ́ọ̀ pé. Ó gbé owó ilé lọ fún onílé, ẹni tó gbà á láìsọ pé ó ṣeun. Ní ṣọ́ọ̀bù, Alága ṣì ń sọ fún àwọn oníbàárà bí lẹ́tà òun ṣe dá ilé-iṣẹ́ ńlá jókòó. Bó bá ń sọ ọ́, tí ẹnì kan bá béèrè pé ṣé òótọ́ ni, Àǹtí Sítọ́ọ̀ á gbé ojú sókè kúrò nínú ìwé rẹ̀.

"Ẹ béèrè ní báńkì," ni yóò wí.